Ṣàkí ò rọ̀, pọ̀nmọ́ ti ń yọ́: báwo lẹ ṣe ń sè é papọ̀?

Àǹtí_ÒkèÌlẹ̀wó
Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Mo ra ṣàkí bíi kílò méjì pẹ̀lú pọ̀nmọ́ funfun tó nípọn ní Láfẹ́nwá, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò kan, mo fi iyọ̀, mágì àti àlùbọ́sà sí i, mo gbé e ka gáàsì. Ó lé ní wákàtí kan àtààbọ̀, ṣàkí ṣì ń fà bíi rọ́bà, pọ̀nmọ́ ní tiẹ̀ ti ń já sí wẹ́wẹ́ nínú omi. Àwọn àna mi ń bọ̀ ní Sátidé, láfún àti ẹ̀gúsí ni mo fẹ́ gbé fún wọn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí méjèèjì fi ń rọ̀ dáadáa? Ṣé kí n kúkú lo pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ni? Ìgbà wo lẹ sì ń fi èròjà sí i?

Bọ̀ọ̀dá_Adátán
Iyọ̀ ni, ẹ má wulẹ̀ wá nǹkan míì kiri. Iyọ̀ ló ń mú ṣàkí le, màmá mi ò kí í jẹ́ kí iyọ̀ kan ẹran títí tó fi máa rọ̀ tán. Ẹ dẹ̀ wá pírẹ́ṣọ̀ jàre, ẹ kó ṣàkí sí i, ẹ kó pọ̀nmọ́ lé e, ẹ bu omi sí i, wákàtí kan géérégé, ẹ lọ jókòó ti fíìmù yín, tẹ́ ẹ bá fi máa padà wá gbogbo ẹ̀ á ti rọ̀.

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Adátán, pọ̀nmọ́ funfun fún wákàtí kan nínú pírẹ́ṣọ̀? Omi lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ò ní bá pọ̀nmọ́ 😂

Àǹtí, kì í ṣe iyọ̀ ló ṣe yín. Àwọn méjèèjì yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ni. Pọ̀nmọ́ funfun tẹ́ ẹ rà, iná ti rí i kó tó dé orí àtẹ, torí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fá irun ara ẹ̀, ẹ̀yin náà á ti rí i pé ó wú, tẹ́ ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ ó ń tẹ̀. Wọ́n ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ lọ́jà. Ṣàkí ní tiẹ̀, tútù ló wà, ikùn màlúù tó ń lọ jẹko lójoojúmọ́ ni, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jọ gbé wọn kaná lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí èkejì tó dára.

Bí mo ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rèé. Mo máa gé ṣàkí sí ìwọ̀n tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, torí ó máa súnkì gan-an, èyí tẹ́ ẹ bá gé kékeré á di ẹyọ ẹyọ tí ẹ ò ní rí fi ṣíbí bù fún àlejò. Mo máa bọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, màá da omi yẹn nù, màá fi omi míì ṣàn án. Lẹ́yìn náà màá wá da omi tuntun sí i, kó bò ó kó sì fi bíi ìka méjì ga jù ú lọ, màá ju àlùbọ́sà ńlá kan àti atalẹ̀ tí mo ti tẹ̀ sí i pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Kò tíì tó àsìkò mágì. Tó bá ti hó, màá dín iná kù kó kàn máa rọra hó, màá dé e. Láti ìgbà tó bá ti ń rọra hó yẹn, ẹ fún un ní wákàtí kan àtààbọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ku díẹ̀ kó rọ̀ ni mo máa wá da pọ̀nmọ́ sí i. Pọ̀nmọ́ tó nípọn, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí ogójì, èyí tó tínrín ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi wákàtí méjì sí méjì àtààbọ̀ lórí gáàsì, ó kù sí ọwọ́ màlúù tẹ́ ẹ bá pàdé.

Àǹtí_ÒkèÌlẹ̀wó
Háà ẹ ṣeun mọ̀mí, ó ti wá yé mi díẹ̀. Àmọ́ ẹ má bínú, báwo ni màá ṣe mọ "ó ku díẹ̀ kó rọ̀"? Èmi kàn máa ń fi ẹnu tọ́ ọ wò ni, ó máa ń jó mi létè. Nǹkan míì tún ni pé nígbà míì ó máa rọ̀ nírọ̀lẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bá mú un kúrò nínú fìríìjì, ó ti tún le padà. Ṣé ó tún máa ń padà ni?

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un. Tó bá wọlé àmọ́ tó ń gbé ṣàkí dání nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fà á yọ, ó kù díẹ̀. Tó bá wọlé tó tún yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfa ẹran sókè, ó ti tó. Ẹ mú ẹyọ kan jáde, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀, tó bá gé e láì jẹ́ pé ẹ fipá ṣe é, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Pọ̀nmọ́ ò nílò gbogbo ìyẹn, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, tó bá tẹ̀ tó sì padà sí bó ṣe wà, ó dáa, tó bá tẹ̀ tí kò padà mọ́, ẹ tètè kó o jáde.

Ti fìríìjì yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ gbóná ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Camp
Ẹ dákun ẹ jẹ́ n dá sí i, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo ń kà ní FUNAAB níbí. Òótọ́ ni mọ̀mí sọ nípa fìríìjì. Nǹkan tó ń mú awọ àti ṣàkí le, kọ́lájìn ni wọ́n ń pè é, ooru àti omi tó bá pẹ́ lórí ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di nǹkan tó ń yọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ètè yẹn. Ìyẹn náà ló ń mú kí omi ẹran dì gbagidi nínú fìríìjì. Tó bá tutù ó dì, tó bá gbóná ó tú, kò túmọ̀ sí pé ẹran ti padà sí tútù. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ wo bó ṣe rọ̀ tó nígbà tó bá ti tutù, gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Nǹkan tí mo tún fẹ́ sọ ni pé ẹ ò nílò láti jẹ́ kó máa hó gùdùgùdù. Omi tó ń rọra hó àti èyí tó ń hó tó ń ta jáde kúrò nínú ìkòkò, ooru wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò lè kọjá bíi 100 dígíríì, gáàsì nìkan lẹ̀ ń jó dànù, omi á sì gbẹ kó tó rọ̀. Pírẹ́ṣọ̀ ló lè gbé ooru kọjá ibẹ̀, torí ó sé atẹ́gùn gbígbóná mọ́lé, inú ẹ̀ lè dé nǹkan bíi 120, ìdí nìyẹn tó fi ń yá.

Bùrọ̀dá Adátán, lórí iyọ̀, ẹ má bínú sà, iyọ̀ kékeré ò lè dá ṣàkí dúró kó má rọ̀. Ohun tó burú nínú kí èèyàn fi iyọ̀ púpọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ ni pé omi ń gbẹ, iyọ̀ ò gbẹ, lẹ́yìn wákàtí méjì ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ṣe wẹ́kú á ti di iyọ̀ gbuurugbu.

Bọ̀ọ̀dá_Adátán
Ọmọ Camp, mo gbọ́. Màmá mi ò lọ sí FUNAAB, àmọ́ ṣàkí ẹ̀ máa ń rọ̀.

Ọmọ_Ìtòkú
Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ tiẹ̀ bá mi dá sí tèmi, èmi ò kì í jẹ ṣàkí, pọ̀nmọ́ ni mo fẹ́ bi, àwọn kan bá mi ra pọ̀nmọ́ gbígbẹ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó le gbagidi, mo bọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí mọ̀mí ṣe sọ lókè yìí, ó le bó ṣe wà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n rà wá ni? Káún ni mo fẹ́ fi sí i báyìí.

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Ọmọ mi, pọ̀nmọ́ funfun tútù ni mo ń sọ, èyí tó ti wú lórí àtẹ. Tìẹ ti gbẹ, ó gbọ́dọ̀ mu omi padà ná. Da omi gbígbóná lé e, dé e, jẹ́ kó sùn sínú ẹ̀ mọ́jú, ní àárọ̀ kó o fi ọ̀bẹ ha gbogbo dúdú ara ẹ̀ àti eérú kúrò, kó o pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn yẹn ló ń lọ sórí iná, ó lè gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀ lórí gáàsì, nínú pírẹ́ṣọ̀ kò ju bíi ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Tó o bá gé e tí àárín ẹ̀ ṣì ní ìlà funfun tó le, omi ò tíì dé ibẹ̀, iná ò lè ràn án lọ́wọ́, dá a padà sínú omi ná.

Káún, èmi ò kì í lò ó. Ó máa ń mú awọ yọ̀ bọ̀rọ̀, ó dẹ̀ máa ń ní ìtọ́wò ọṣẹ.

Ọmọ_Ìtòkú
Mo ti rẹ ẹ́ báyìí mọ̀mí. Àmọ́ káún yẹn, ìyá ìyá mi tó ń gbé Ìgbẹ̀yìn máa ń fi sí i o, ẹyọ kékeré bí orí ìka, ọbẹ̀ ẹ̀ ò kí í dùn bí ọṣẹ rárá. Màá fi sí ìdajì, màá dá ìdajì sí, màá wá sọ bó ṣe rí.

Alápatà_Láfẹ́nwá
Ẹ kú ìjíròrò o. Mò ń rí i tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ iná, ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ṣàkí ò dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá na ṣàkí kan sílẹ̀ gbalaja, ẹ máa rí i pé ibì kan tínrín tó ní irun irun bíi táwẹ̀lì, ibì kan sì wà tó nípọn, tó dàbí ìgbànú tó gba àárín kọjá, tó ń dán, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní irun. Ibi tó nípọn yẹn, iṣan ni gbogbo ẹ̀, òun ni màlúù fi ń gún koríko nínú ikùn ẹ̀. Ó lè fi bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbà jù ti ibi tínrín lọ, màlúù àgbà á tiẹ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ á wá ní ṣàkí òun ò rọ̀, ó rọ̀ kẹ̀, ibi kan ni kò rọ̀. Ẹ gé ibẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gé e sí pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kó o sínú ìkòkò ṣáájú ìyókù.

Fífọ̀ ẹ̀ náà. Omi tó gbóná tọ́wọ́ ò gbà lẹ máa rì í sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe omi tó ń hó o, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á lójú kan, awọ dúdú yẹn á máa bọ́. Tí omi bá ti hó jù, dúdú yẹn á so mọ́ ọn, ẹ máa ha á títí tí ọwọ́ á fi bó. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ bọ́ ọ dáadáa, òórùn ẹ̀ á lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tó báyìí, èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi ń da omi àkọ́kọ́ nù. Gbogbo adùn ẹ̀ ni mọ̀mí ń dà sí gọ́tà yẹn.

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Ẹ ṣeun Bàbá Alápatà, òótọ́ lẹ sọ lórí ibi tó nípọn yẹn, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n omi àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin ń tà á, èmi ni àwọn kọ́sítọ́mà ń bá wí tó bá ń rùn.

Alápatà_Láfẹ́nwá
Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kò ní rùn.

Sisí_Kútọ̀
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pariwo lé mi lórí. Bùkà kan wà ní àdúgbò wa, n ò ní dárúkọ, ṣàkí wọn máa ń rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ní parasítámọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jù sí i. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Torí gáàsì ti wọ́n báyìí, wákàtí méjì àtààbọ̀ lórí iná kì í ṣe eré.

Akẹ́kọ̀ọ́_Camp
Ẹ má dán an wò rárá sisí mi. NAFDAC gan-an ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa ẹ̀, oògùn ni, kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. Ẹ ò mọ iye tí oníkálukú ń jẹ nínú abọ́ kan, oògùn náà dẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó bá ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ gáàsì lẹ̀ ń rò, pírẹ́ṣọ̀ ni ìdáhùn.

Sisí_Kútọ̀
Ó ti yé mi. Mi ò tiẹ̀ ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Pọ̀nmọ́ ńkọ́, ṣé a ṣì lè máa jẹ ẹ́, torí mo rántí pé ní 2023 ìjọba ní ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́ nígbà tí àrùn àntíráàsì yẹn ṣẹlẹ̀ ní Gánà.

Alápatà_Láfẹ́nwá
Ẹran tó kú fúnra ẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn wà lára ẹ̀ jù, ẹ ra ẹran níbi tí dókítà ẹran ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pa á. Ti pọ̀nmọ́ dúdú, ẹ fi imú yín wò ó. Àwọn kan ń fi táyà sun ún. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn táyà tàbí kẹrosíìnì lára ẹ̀, ẹ dá a padà, fífọ̀ kankan ò lè mú un kúrò.

Mama_Ìbejì_Àsérò
Ẹ jẹ́ n sọ ti pírẹ́ṣọ̀, torí mo rí i pé gbogbo èèyàn kàn ń dárúkọ ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi ò kì í bọ ṣàkí lórí ìkòkò lásán mọ́.

Tó bá jẹ́ kílò méjì ṣàkí, ìkòkò lítà méje á gbà á. Ẹ ò ní kún un kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, omi, ẹran, gbogbo ẹ̀ pọ̀, torí ṣàkí máa ń hó yọ fóòmù, tí fóòmù bá gùn dé ihò orí ọmọrí ó máa dí i. Kò nílò omi rẹpẹtẹ, atẹ́gùn ò kí í jáde bíi ti ìkòkò lásán, kí omi ṣáà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó ló tó. Kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ gbé ọmọrí sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ihò yẹn já, ẹ tún wo rọ́bà tó yí i ká bóyá ó ti sán. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ hó láìdé e, ẹ bu fóòmù kúrò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dé e.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí o, láti ìgbà tí irin kékeré orí ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ni ẹ ń ka àkókò, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ gbé e kaná. Tó bá ti súfèé, ẹ dín iná kù títí tó fi máa kàn máa ṣe ṣìì ṣìì jẹ́jẹ́. Ṣàkí, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ẹ pa iná, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ balẹ̀, ó lè gbà tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé irin yẹn sókè tí atẹ́gùn kankan ò jáde mọ́ lẹ máa ṣí i. Tó bá ṣì ń fà, ẹ dé e padà fún mẹ́wàá sí i.

Pọ̀nmọ́ funfun ò wọ inú pírẹ́ṣọ̀ mi. Tó bá yọ́ nínú ẹ̀, ó lè lọ lẹ̀ mọ́ ihò yẹn, ìyẹn sì léwu. Nínú ìkòkò lásán, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣí ṣàkí, ni mo ti ń sè é.

Bọ̀ọ̀dá_Adátán
Ẹ̀yin ẹ kàn fẹ́ kí èmi dà bí aláìmọ̀kan ní orí yìí. Ó dáa, mo yọ́nda pọ̀nmọ́, mi ò yọ́nda iyọ̀.

Àǹtí_ÒkèÌlẹ̀wó
Mama Ìbejì, mo yá ti ará ilé wa, mo máa ṣe é ní Fúráìdé alẹ́ kí Sátidé má bàa há mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ò tíì sọ ti èròjà fún mi tán o. Ìgbà wo ni mágì àti ata ń wọlé?

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Ìgbà tí pọ̀nmọ́ bá wọlé. Pọ̀nmọ́ ò ní adùn tiẹ̀, awọ lásán ni, ohun tó bá mu nínú ìkòkò ló máa ní lẹ́nu. Nítorí náà omi tó bá fẹ́ mu gbọ́dọ̀ ti dùn. Kílò méjì yẹn, lẹ́yìn tí ṣàkí bá ti rọ̀, ẹ tọ́ omi ẹ̀ wò ná, ẹ fi mágì mẹ́ta sí i, ata rodo méjì tẹ́ ẹ lọ̀ tàbí tẹ́ ẹ gé, táìmù àti kọ́rì ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan kó má bori ẹ̀gúsí, ááyù díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ wá kó pọ̀nmọ́ sí i. Ẹ má dé e pa, ẹ jẹ́ kí omi máa dín kù díẹ̀díẹ̀ kí èròjà máa wọ ara ẹ̀. Ìparí ni kẹ́ ẹ fi iyọ̀ ṣe àtúnṣe, kì í ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí omi bá fẹ́ gbẹ kó tó rọ̀, omi gbígbóná lẹ máa fi kún un, tútù á dá gbogbo ẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ sì má da omi tó kù nù, òun ni kẹ́ ẹ fi po ẹ̀gúsí yín, àmọ́ ẹ rántí pé iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀.

Àǹtí_ÒkèÌlẹ̀wó
Ẹ kú ilé o. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí.

Mo tún lọ sí Láfẹ́nwá, mo ní kí alápatà na ṣàkí sílẹ̀ kí n wò ó, ó kọ́kọ́ wò mí bíi kí ló ń ṣe ìyá yìí, mo ní kó gé ibi tó nípọn yẹn lọ́tọ̀ fún mi. Òótọ́ ni, ó nípọn tó ọmọ ìka mi, ìyókù ò ju awọ lọ. Mo fọ gbogbo ẹ̀ bí Bàbá Alápatà ṣe sọ, omi tọ́wọ́ ò gbà, dúdú yẹn bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo dà á nù (ẹ má bínú Bàbá Alápatà, ọ̀dọ̀ mọ̀mí ni mo wà lórí ìyẹn). Ó wọ pírẹ́ṣọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀ àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Láti ìgbà tó súfèé, márùndínlógójì. Nígbà tí mo ṣí i, ibi tínrín ti rọ̀, fọ́ọ̀kì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tó nípọn ṣì ń gbé fọ́ọ̀kì dání. Mo ṣa èyí tó rọ̀ sínú abọ́, mo dá ti nípọn padà fún mẹ́wàá sí i, ó wá gbà.

Mo da gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú omi ẹ̀ sínú ìkòkò lásán, mo fi èròjà sí i, pọ̀nmọ́ wọlé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdé pa. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, ó tẹ̀, ó padà. Mo pa iná.

Nínú fìríìjì, ó dì gbọingbọin, ọkọ mi ní "ṣé ṣàkí lo sè àbí jẹ́lì?" Sátidé mo gbóná ẹ̀, mo bu omi ẹ̀ po ẹ̀gúsí, gbogbo ẹ̀ rọ̀ bó ṣe rọ̀ lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ò ní eyín iwájú, ó jẹ ṣàkí. Kò yìn mí o, ó kàn ní kí n tún bu sí i.

Nǹkan kan ló kù. Iyọ̀ omi ẹran yẹn pọ̀ díẹ̀ fún mi nígbà tó di ẹ̀gúsí, bẹ́ẹ̀ mágì mẹ́ta náà ni mo fi sí i. Ṣé mágì yín kéré ni mọ̀mí?

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Omi pírẹ́ṣọ̀ kì í gbẹ bíi tèmi, ẹ ò bu omi púpọ̀ sí i látilẹ̀, nítorí náà omi yín kéré, èròjà á le nínú ẹ̀. Ìkòkò lásán ni mo fi ṣírò mẹ́ta yẹn. Tó bá jẹ́ pírẹ́ṣọ̀, ẹ fi méjì sí i.

Mama_Ìbejì_Àsérò
Èmi méjì náà ni mo ń fi sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbàgbé.

Bọ̀ọ̀dá_Adátán
Ẹ ẹ̀ rí i, iyọ̀. Kí ni mo sọ látìbẹ̀rẹ̀? 😂

Akẹ́kọ̀ọ́_Camp
Bùrọ̀dá, le lẹ sọ, ẹ ò sọ pé á dun iyọ̀ jù.

Ọmọ_Ìtòkú
Ẹ má tíì tì í o. Pọ̀nmọ́ gbígbẹ mi sùn sínú omi, mo ha á, mo pín in sí méjì. Èyí tí mo fi káún sí rọ̀ ní bíi wákàtí kan, èyí tí kò ní káún lé ní wákàtí kan àtààbọ̀. Ti káún yẹn yọ̀ lóòótọ́ bí mọ̀mí ṣe sọ, ó ń fò kúrò lórí ṣíbí, ara ẹ̀ náà dà bíi pé ó ń tú. Ìtọ́wò ọṣẹ yẹn, èmi ò gbọ́ ọ, àbúrò mi ní òun gbọ́. Bóyá mo fi sí i ju ti ìyá ìyá mi lọ ni.

Alápatà_Láfẹ́nwá
Báwo ni ẹyọ káún yẹn ṣe tóbi tó?

Ọmọ_Ìtòkú
Kò ju orí ìka lọ, àmọ́ àtàǹpàkò ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá_Bùkà_Páńṣẹ́kẹ́
Orí ọmọ ìka ni ìyá ìyá ẹ ń sọ, kì í ṣe àtàǹpàkò. Tún un ṣe, kó o wá sọ fún wa. Èmi ò ní lò ó síbẹ̀.